Bí a ṣe ń ya mọ́kọ́ọ̀pù pátákó ìpolówó àti kòròpé kó lè bá ohun tí ojú máa rí ní títì mu

Mọ́kọ́ọ̀pù ni àwòrán tó ń fi bí iṣẹ́ ṣe máa rí han oníbàárà kí a tó ṣe é, ti ọ̀fẹ́ sì pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ilẹ̀ bí ẹní. Wàá ṣí fáílì, wàá ju dìsáìnì rẹ sínú rẹ̀, kíá, pátákó ńlá ti yọ láàárín àwọn ilé gíláàsì gogoro. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí wáyà iná, kò sí ọkọ̀ tó dí ẹnikẹ́ni lójú. Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á sanwó. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá gbé pátákó náà kọ́ sí Ìkòròdú Róòdù, á pè ọ́ pé níbo ni nọ́ńbà fóònù òun wà. Ó wà níbẹ̀ o. Ojú ni kò tó o.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni ti ìyá kan ní Ṣómólú tó ń di gàárì Ìjẹ̀bú sínú ọ̀rá kéékèèké. Ó fẹ́ gba pátákó kan nítòsí Onípáànù, èyí tó kọjú sí àwọn tó ń bọ̀ láti Ọjọ́ta lọ sí Jìbówù. Ó sì tún fẹ́ fi sítíkà bo kòròpé tó fi ń gbé ọjà kiri. Pátákó náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ìyẹn nǹkan bíi mítà 6.1 sí mítà 3.

Fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ dáa, téèpù ìwọ̀n àti Photoshop ti tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní Photoshop lè lo Photopea: ọ̀fẹ́ ni, inú buráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ àwọn nǹkan inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Photoshop mu tán.

Lọ ya fọ́tò ibẹ̀ fúnra rẹ

Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni pátákó pé èwo gan-an ni, ojú wo nínú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé fún oníbàárà, àti ibi tó kọjú sí. Pátákó kan náà lè ní ojú méjì, kí ojú kan máa wo àwọn tó ń lọ, kí èkejì máa wo àwọn tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà, jókòó sí iwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kí ẹlòmíràn máa wa ọkọ̀, kí ìwọ máa ya fọ́tò. Ibi tí ojú awakọ̀ wà ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ dùn ún dúró sí, fọ́tò ibẹ̀ sì máa ń lẹ́wà, torí pé wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó pátákó náà, wàá rí i gbọọrọ níwájú rẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni oníbàárà ń sanwó torí wọn. Afárá yìí kan náà tún lè ṣèdíwọ́. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀ láti Ọbaníkòró dé Fádèyí, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn bo pátákó rẹ pátápátá títí ọkọ̀ á fi kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó yẹ kí oníbàárà mọ̀ kó tó san kọ́bọ̀ nìyẹn, fọ́tò àtọwọ́dá kankan kò sì ní fi hàn án.

Ya a láti 200 mítà, láti 100, àti láti 50. Ṣí Google Maps, tẹ orí ibi tí pátákó wà pẹ́, kó o mú `Measure distance`, wàá rí ibi tí mítà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí, wàá sì fi ṣọ́ọ̀bù tàbí òpó iná tó wà níbẹ̀ ṣe àmì. Lo súùmù `2x`. Ojú kámẹ́rà fóònù tí a kò fi súùmù fẹ̀ jù, ó máa ń ti pátákó sẹ́yìn kí ó dà bíi pé ó kéré. Súùmù `5x` náà ń parọ́ lápá kejì: á fa pátákó mọ́ra títí yóò fi dà bíi pé ó fẹ́ wó lu ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ṣe kókó níbí, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ wa ni kì í sì í ronú kàn án. Láti Ọjọ́ta sí Jìbówù, ìhà gúúsù ni ọkọ̀ ń forí lé, nítorí náà ìhà àríwá ni pátákó tí wọ́n ń wò kọjú sí. Ní Èkó, oòrùn ọ̀sán máa ń gba apá gúúsù kọjá ní oṣù Kejìlá, á sì gba apá àríwá ní oṣù Kẹfà. Èyí túmọ̀ sí pé tí ìpolówó náà bá máa wà lókè ní àsìkò Kérésìmesì, òjìji ni ojú pátákó máa wà lọ́sàn-án, ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì máa tàn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Àwọ̀ rẹ á ṣókùnkùn. Ní oṣù Kẹfà, bí òjò bá gbà, oòrùn á tàn sí i lójú tààrà. Bó o bá lè ya fọ́tò ní àsìkò tí ìpolówó máa wáyé, ó dára. Bí kò bá ṣeé ṣe, wo pátákó mìíràn tó kọjú síbi kan náà ní wákàtí kan náà, kó o fi bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe rí ṣe òdiwọ̀n.

Fi dìsáìnì sínú férémù

Ṣí fáílì dìsáìnì tó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 4000, tó ga ní 2000. Ìlọ́po méjì gíga ni fífẹ̀ rẹ̀, bí pátákó náà ṣe rí gan-an. Àwọn kan máa ń ṣe dìsáìnì lórí ìwọ̀n ojú tẹlifíṣọ̀n, 1920 sí 1080, wọ́n á wá fà á kó lè kún férémù. Lẹ́tà á fi bí ìdá kan nínú mẹ́jọ fẹ̀ sí i, ojú ènìyàn á wú. Bó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀, ya róbótó kan sí igun dìsáìnì kó o tó fà á. Nínú fọ́tò tó bá kọjú sí pátákó tààrà, róbótó yẹn gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ róbótó.

Gbé dìsáìnì sórí fọ́tò, fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ léyà rẹ̀, mú `Convert to Smart Object`. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé bí ìyá bá ní kó o yí ọ̀rọ̀ padà, inú dìsáìnì nìkan lo máa yí i, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dúró síbi tó o fi wọ́n sí. Wá tẹ `Ctrl+T`, tàbí kó o mú `Free Transform` nínú `Edit` bó bá jẹ́ Photopea lò ń lò, fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ dìsáìnì, mú `Distort`, kó o fa igun kọ̀ọ̀kan lọ sí igun inú férémù. Mo ní inú, torí pé irin ẹ̀gbẹ́ pátákó gbọ́dọ̀ hàn. Dìsáìnì tó bá bo irin yẹn mọ́lẹ̀ máa ń dà bí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú fọ́tò, bó ti wù kí ó gún tó.

Ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Funfun inú dìsáìnì máa ń funfun ju ohunkóhun tó wà nínú fọ́tò lọ, dúdú rẹ̀ náà á dúdú jù. Ní títì gidi, eruku àti èéfín ọkọ̀ wà láàárín ojú àti pátákó, nígbà ọyẹ́ pàápàá. Ṣí `Levels` lórí léyà dìsáìnì, kó o mú ìlà `Output Levels` tó wà nísàlẹ̀ kúrò ní 0 àti 255 wá sí bíi 25 àti 225. Fi funfun rẹ̀ wé ohun funfun kan tó wà nínú fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ kan náà ń bà. Bí kò bá tíì bá a mu, tún un fà. Lẹ́yìn náà, fi `Gaussian Blur` díẹ̀ sí i, láti ìdajì píkísẹ́lì sí píkísẹ́lì kan, torí fọ́tò fóònù láti 100 mítà kò mú tó dìsáìnì tó tinú kọ̀ǹpútà wá.

Bí pátákó náà bá ṣófo, tí flẹ́ksì funfun wà lórí rẹ̀, yí léyà dìsáìnì sí `Multiply`. Gbogbo ìwúnpọ̀ àti òjìji ara flẹ́ksì á yọ lábẹ́ rẹ̀ láì jẹ́ pé o yà wọ́n. Bí ìpolówó ẹlòmíràn bá ṣì wà níbẹ̀, kọ́kọ́ fi àwọ̀ eérú bò ó, kó o tó gbé tìrẹ lé e.

Èyí tó kù ni àwọn nǹkan tó wà níwájú pátákó: wáyà iná, òpó, ẹ̀ka igi, òkè bọ́ọ̀sì BRT. Fi `Layer Mask` gé dìsáìnì kúrò lára wọn kí wọ́n padà sí iwájú. Bí wáyà bá gba àárín ọ̀rọ̀ kọjá, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yálà kí o sún ọ̀rọ̀ kúrò lábẹ́ wáyà, tàbí kí oníbàárà lọ wá pátákó mìíràn. Bó o bá pa wáyà rẹ́ nínú fọ́tò, ó ṣì wà ní Onípáànù.

Na ọwọ́, kó o kà á

Ibí ni mọ́kọ́ọ̀pù ti ń di ohun tó wúlò. Pátákó tó fẹ̀ ní mítà 6.1, bí a bá dúró sí 100 mítà sí i, á rí lójú bí ohun tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3.7 tí a fi ọwọ́ nà mú ní sẹ̀ǹtímítà 60 síwájú ojú. Tí a bá wà ní 50 mítà, á di 7.3. Ìṣirò náà kò le: fífẹ̀ pátákó ní mítà, nígbà 60, kó o pín in pẹ̀lú iye mítà tó wà láàárín.

Tẹ fọ́tò ti 100 mítà jáde lórí bébà, kí pátákó inú rẹ̀ fẹ̀ ní 3.7 gẹ́lẹ́, kó o fi lé oníbàárà lọ́wọ́.

"Ẹ na ọwọ́ yín tán, mà. Ẹ má fà á mọ́ ojú."

"Mo ti nà án. Gàárì ni mò ń rí, pẹ̀lú ife."

"Ẹ wá bá mi ka nọ́ńbà fóònù yín."

"Èwo ni fóònù? Àbí okùn tó wà nísàlẹ̀ yìí? Yọ ọ́ kúrò jàre."

Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ tí àwọn oníṣẹ́ pátákó ń tẹ̀ lé ni pé ínṣì kan gíga lẹ́tà ni ẹsẹ̀ bàtà 10 jíjìnnà. Lẹ́tà tó ga ní ínṣì 6, bí irú èyí tí wọ́n fi máa ń kọ nọ́ńbà fóònù, láti ẹsẹ̀ bàtà 60 lojú ti ń kà á dáadáa. Ìyẹn kò ju mítà 18 lọ, pátákó sì ti fẹ́ kúrò lójú gíláàsì ọkọ̀ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ dé ojú ẹni tó wà ní 100 mítà, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 328, gbọ́dọ̀ ga tó ínṣì 33. Lórí pátákó tó ga ní ínṣì 120, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan máa ń rin mítà 16 sí 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà láti 200 mítà dé 50, ìṣẹ́jú àáyá 9 péré lo ní. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ìkòròdú Róòdù á fún wọn láyè kà á. Lóòótọ́ ni, àmọ́ kò sí ẹni tó lè ṣètò ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí.

Ohun tó kù lórí pátákó ìyá lẹ́yìn ìdánwò yìí ni orúkọ gàárì, ife omi tútù kan, àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Ó kan dáadáa." Nọ́ńbà lọ sí ara kòròpé. Ohun kékeré kan tún wà: àmì abẹ́ ẹ àti ọ, títí kan àmì ohùn orí wọn, ló máa ń kọ́kọ́ pòórá bí nǹkan bá jìnnà. Lẹ́tà ínṣì 33 lè hàn kedere kí àmì abẹ́ Ìjẹ̀bú ti parẹ́. Mú wọn nípọn ju bí fọ́ǹtì ṣe gbé wọn wá lọ, kó o sì fi àyè díẹ̀ sáàárín àmì àti lẹ́tà kí wọ́n má lẹ̀ pọ̀.

Kòròpé

Ọ̀pọ̀ kòròpé tó wà ní Èkó ni Suzuki Every. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3.395, ara rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú bíi pátákó, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn ju ọkọ̀ mìíràn lọ. Gbé ọkọ̀ oníbàárà fúnra rẹ̀ síta, má lo fọ́tò ọkọ̀ tó jọ ọ́. Lẹ téèpù bébà kan tó gùn ní mítà kan gẹ́lẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Jìnnà sẹ́yìn dáadáa, lo súùmù `2x` tàbí `3x`, kí kámẹ́rà wà ní ìdajì gíga ọkọ̀, kí o sì dúró sí ọ̀gangan àárín rẹ̀. Ẹni tó bá dúró nítòsí máa rí i pé àárín ọkọ̀ wú, iwájú àti ẹ̀yìn sì rọ.

Téèpù yẹn ló máa sọ bóyá fọ́tò gún. Ká ní ó gba píkísẹ́lì 900 nínú fọ́tò, gbogbo gígùn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ 3055, ìyẹn 900 nígbà 3.395. Bí o bá wọn ọkọ̀ tó o rí 2800, kámẹ́rà ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tún fọ́tò náà yà. Bí ó bá pé, ìwọ̀n yòówù tó o bá mú lórí ọkọ̀ lè di píkísẹ́lì, wàá sì mọ̀ lóòótọ́ bí lẹ́tà kan ṣe máa ga tó.

Gbé dìsáìnì sórí rẹ̀, yí i sí `Multiply` bí ọkọ̀ bá funfun. `Multiply` kì í ṣe ju kó mú nǹkan ṣókùnkùn lọ, nítorí náà dídán ara ọkọ̀ á kú. Kí ó lè jí, ṣe ẹ̀dà léyà ọkọ̀ sókè pátápátá, yọ àwọ̀ rẹ̀, ṣí `Levels`, fa àmì dúdú `Input Levels` sí apá ọ̀tún títí dídán nìkan á fi kù, kó o yí i sí `Screen`, kí `Opacity` rẹ̀ wà láàárín 30 sí 50. Ojú á gbà pé sítíkà ni, kì í ṣe bébà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ eérú tàbí búlúù, kọ́kọ́ fi àwọ̀ funfun bo ara rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ dìsáìnì á dọ̀tí.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kó gba àkókò rẹ jù. Ẹ̀yìn ló máa ń fà sí, á sì bo ara ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá máa ń já ọjà fún wákàtí gbọọrọ, ilẹ̀kùn á sì wà ní ṣíṣí. Bí orúkọ gàárì bá bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀kùn tó sì parí sẹ́yìn, ìdajì rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ ilẹ̀kùn nìyẹn, ìdajì kejì á sì wà níbi tí kò yẹ. Ya fọ́tò kejì tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kó o sì ṣe mọ́kọ́ọ̀pù tirẹ̀ náà. Nínú iṣẹ́ yìí, orúkọ wà lórí ilẹ̀kùn nìkan, ife gàárì wà lẹ́yìn, bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, ife nìkan ló ń sọnù. Kíyè sí ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn àti irin tó ń gbà rìn wà. Kò yẹ kí èyíkéyìí nínú wọn bọ́ sójú ènìyàn tàbí sáàárín lẹ́tà.

Gíláàsì ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi sítíkà onihò bò, kí ẹni tó wà nínú lè ríta. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ihò, fún ìdí yìí àwọ̀ tó wà lórí rẹ̀ máa ń ṣókùnkùn, lẹ́tà tín-ínrín sì máa ń já. Fi apá dìsáìnì tó bọ́ sórí gíláàsì sí léyà ọ̀tọ̀, kó o dín `Opacity` rẹ̀ kù sí bíi 70 kí dúdú gíláàsì yọ. Má bo gíláàsì iwájú àti ti ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Òfin gíláàsì dúdú ti wà láti ọdún 1991, ẹ̀yin náà sì mọ bí ìjíròrò máa ń rí lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà ọkọ̀ àti iná gbọ́dọ̀ wà ní gbangba.

Ní ìparí, gbé ọkọ̀ náà sí ibi tó ń lọ. Ya fọ́tò Ọjà Ọyìngbò tàbí títì kan ní Bàrígà, kí oòrùn inú rẹ̀ ti apá kan náà wá bíi ti fọ́tò ọkọ̀, kó o fi ọkọ̀ sáàárín, kó o sì fi òjìji sábẹ́ táyà rẹ̀. Àwọ̀ yẹ́lò ni ìyá kọ́kọ́ ní òun fẹ́, ó sì dára púpọ̀ lórí ògiri funfun. Nígbà tó wà láàárín àwọn dánfó ní Ọyìngbò, a wá a tì. Yàtọ̀ sí èyí, kòròpé yẹ́lò ní Èkó, àwọn èrò á máa dá a dúró. Funfun àti àwọ̀ ewé tó ṣú ni wọ́n padà gbà. Fi ẹrẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀ nínú àwòrán, bí ó ṣe máa rí lásìkò òjò, ìwọ náà á rí ìdí tí nọ́ńbà fóònù kò fi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

Bó o bá ń fi ránṣẹ́

Kọ ọ́ sára àwòrán kọ̀ọ̀kan pé mọ́kọ́ọ̀pù ni, kó o kọ ibi tí a ti yà á, bí ó ṣe jìnnà tó àti wákàtí tí a yà á. Ẹni tó ń tẹ ìpolówó jáde ní Ṣómólú kò ní nǹkan tó fẹ́ fi mọ́kọ́ọ̀pù ṣe. Fáílì dìsáìnì pẹ̀lú ìwọ̀n gidi ni kó o fún un. Jẹ́ kí oníbàárà tún mọ̀ pé LASAA, àjọ ìjọba Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ló ń mójú tó pátákó, ọkọ̀ tí a fi ìpolówó bò náà sì ń gba ìwé àṣẹ níbẹ̀. ARCON, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìpolówó, ló ń yẹ ọ̀rọ̀ inú ìpolówó wò. Mọ́kọ́ọ̀pù tó o ṣe kò rọ́pò ìkankan nínú méjèèjì.

Bó o bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi `Document`, torí pé bó o bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, á fún un pọ̀, lẹ́tà kéékèèké á sì bàjẹ́ láì jẹ́ ẹ̀bi dìsáìnì. Kọ ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e pé kí wọ́n fa àwòrán náà títí pátákó á fi gba nǹkan bí ìdajì fífẹ̀ ojú fóònù, kí wọ́n na ọwọ́ tán, kí wọ́n tó dá ọ lóhùn.